Ètò Kíkọ Tíísìsì Másítà, Oṣù Kìíní sí Oṣù Kẹjọ 2026

Sí: Ọ̀jọ̀gbọ́n, alábòójútó àgbà. Ẹ̀dà kan fún Dókítà, alábòójútó kejì.
Iṣẹ́: Ọ̀nà sísá kòkó àti bíbu kòkó gbígbẹ ní Aládé àti Òdòde, Ìdànrè.

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ètò tí ẹ ní kí n kọ sílẹ̀ nìyí. Iṣẹ́ oko ti parí: fọ́ọ̀mù ìbéèrè 60 la pín, 57 ló padà pẹ̀lú ìdáhùn tó pé. Àpẹẹrẹ kòkó 18 wà nílẹ̀, mẹ́fà láti orí tapólì ẹ̀bá títì, mẹ́fà láti orí sìmẹ́ńtì, mẹ́fà láti orí ẹní tí wọ́n gbé sókè. Kíkọ ló kù. Láti ọjọ́ Ajé, 12 Oṣù Kìíní títí di 31 Oṣù Kẹjọ, ọ̀sẹ̀ 33 ni. Bí ọ̀sẹ̀ 13 nínú rẹ̀ ni ìwé máa fi wà lọ́wọ́ yín. Mo kà á mọ́ ètò láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ètò akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń fọ́ sí: á ka ọjọ́ tóun máa fi kọ̀wé, kò ní ka ọjọ́ tí ìwé máa fi jókòó sórí tábìlì.

Bí ìwé á ṣe máa lọ, tí á máa bọ̀

Ọjọ́ Ẹtì, kó tó di agogo méjìlá ọ̀sán, ni mo máa fi orí kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́. Ọjọ́ Ajé ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Orí kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ yín lẹ́ẹ̀kan, yàtọ̀ sí ìparí Oṣù Kẹfà tí méjì kúkúrú máa dé pọ̀. Ní ọjọ́ iṣẹ́ keje màá fi wọ́sáàpù kan ránṣẹ́ láti rán yín létí, ẹyọ kan péré. Bí ọjọ́ kíkà bá kọjá tí ẹ ò tíì rí i kà, mi ò ní jókòó dúró. Màá bọ́ sórí iṣẹ́ tó kàn, àtúnṣe á wá nígbà tó bá dé.

Bí fáìlì á ṣe máa jẹ́ nìyí, kí a má baà máa tún èyí tó ti kú ṣe:

```
Ori3_v1_2026-01-30.docx
Ori3_v1_2026-01-30_Prof.docx
Ori3_v2_2026-02-20.docx
```

Kò ní sí `final_final2.docx` kankan. Ẹ̀dà kan á wà lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí fláàṣì, ọ̀kan nínú íméèlì. Dókítà máa ń kà á lórí bébà, nítorí náà Ọjọ́bọ̀ ni màá lọ tẹ ti wọn, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì: bí wọ́n bá mú iná lọ, gbogbo wa la máa tò sídìí jẹnẹrétọ̀ kan náà níwájú géètì.

Orí Kẹta ló ṣáájú: 12 sí 30 Oṣù Kìíní

Ohun tí a ṣe kò tíì di ìgbàgbé, nítorí náà òun ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde. Ọ̀rọ̀ 300 lóòjọ́ fún ọjọ́ 12 jẹ́ 3,600. Ọjọ́ mẹ́ta tó kù wà fún máàpù, táábìlì àti títo ìtọ́kasí. Orí yìí ti wà nínú ìwé àbá, ṣùgbọ́n "a ó ṣe" ló kún inú rẹ̀. Gbogbo "a ó" gbọ́dọ̀ di "a ti ṣe", 60 gbọ́dọ̀ di 57 níbi tí a bá ti ń ṣírò, kí ìdí tí mẹ́ta fi jábọ́ sì hàn. Ibi ìwọ̀n omi inú kòkó ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ jù: 103 °C, wákàtí 16 nínú ààrò. Bí a bá kọ ìgbóná láìkọ wákàtí, ẹlòmíì ò lè tún un ṣe. Bákan náà ni gígé kóró: 300 láti inú àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 5,400.

Ẹ̀yin: 2 sí 13 Oṣù Kejì, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Èmi: fífọ dátà mọ́ lásìkò kan náà. Ìpàdé ní ọ́fíìsì yín, ọjọ́ Ìṣẹ́gun 17, agogo mẹ́wàá àárọ̀. Àtúnṣe wọlé ní ọjọ́ Ẹtì 20.

Orí Kẹrin, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa dé

Àbájáde nìkan, ìyẹn táábìlì àti àwòrán láìsí àlàyé gígùn, á dé ọwọ́ yín ní 6 Oṣù Kẹta. Ọjọ́ márùn-ún péré ni mo tọrọ, 9 sí 13; ìpàdé ní 17. Mo mọ̀ pé odindi orí ni ọ̀pọ̀ alábòójútó fẹ́ rí lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí ANOVA bá ní àṣìṣe, bóyá a ka kóró 300 sí àpẹẹrẹ 300 dípò àpẹẹrẹ kan, gbogbo àlàyé tí a ti kọ́ lé e lórí á wó. Ó sàn kí táábìlì kan ṣoṣo wó.

Àlàyé bẹ̀rẹ̀ ní 18 Oṣù Kẹta, ó dópin ní 17 Oṣù Kẹrin: ọ̀rọ̀ 250 lóòjọ́ fún ọjọ́ 16, 4,000. Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ á bọ́ sí nǹkan bí 20 Oṣù Kẹta, bí oṣù bá ṣe lé. Ọdún Àjíǹde gba 3 àti 6 Oṣù Kẹrin. Mo ti yọ gbogbo wọn.

Ẹ̀yin: 20 Oṣù Kẹrin sí 8 Oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ iṣẹ́ 14 ni, torí orí yìí ló gùn jù, ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ sì wà láàárín. Ìpàdé ní 12 Oṣù Karùn-ún, àtúnṣe ní 22.

Orí Kejì, lẹ́yìn náà Orí Karùn-ún àti Kìíní

Orí Kejì ti wà nílẹ̀. Gígé ló pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ju kíkọ lọ. Ìwádìí tí àbájáde wa kò kàn, á jáde. Ó wọlé ní 22 Oṣù Karùn-ún. Ẹ̀yin: 25 Oṣù Karùn-ún sí 9 Oṣù Kẹfà, torí Iléyá á gba nǹkan bí ọjọ́ méjì. Ìpàdé ní Ọjọ́bọ̀ 11, kó má bọ́ sí ìsinmi 12.

Orí Karùn-ún àti Orí Kìíní wọlé pọ̀ ní 19 Oṣù Kẹfà. Orí Kìíní kẹ́yìn kí ohun tó ṣèlérí lè bá ohun tí a rí mu. Ẹ̀yin: 22 Oṣù Kẹfà sí 3 Oṣù Keje, ìpàdé ní 7.

Odindi ìwé

24 Oṣù Keje, ó dé ọwọ́ ẹ̀yin àti Dókítà lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú èsì Turnitin. Kíkà: 27 Oṣù Keje sí 14 Oṣù Kẹjọ, ọjọ́ iṣẹ́ 15. Bí àtúnṣe yín méjèèjì bá tako ara wọn, mi ò ní dá ẹjọ́. Màá kọ méjèèjì sórí ewé kan, kí ẹ lè jọ yanjú ẹ̀.

17 sí 28 Oṣù Kẹjọ ṣófo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí n tà á fún iṣẹ́ míì. Àìsàn, ìyanṣẹ́lódì, àpẹẹrẹ tí a gbọ́dọ̀ tún wọ̀n: àwọn ló ni ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Ìfọwọ́sí ní ọjọ́ Ajé, 31.

Bí ọjọ́ kankan bá kọlu ìrìnàjò tàbí ìdánwò tí ẹ máa máàkì, ẹ fi bírò pupa yí i ká lórí ewé yìí kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Màá wá gbà á ní ọ́fíìsì yín lọ́jọ́ Ẹtì, 9 Oṣù Kìíní, kí n sì mú ti Dókítà náà bá a ṣe déédéé kó tó di ọjọ́ Ajé.