ILẸ̀ 7, ÒPÓPÓNÀ ÌRÓKÒ: ọ̀rọ̀ àti fọ́tò fún ìwé ìléwọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Gbogbo ohun tó máa wà lórí ìwé ìléwọ́ ilẹ̀ yẹn nìyí, ojú kan tẹ̀lé èkejì. Èyí tí àmì > bá ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ jáde bó ṣe wà. Ìyókù, àárín èmi àti ẹ̀yin ni.

Ìwé A4 kan la máa ká sí méjì, kó di ojú mẹ́rin. Fọ́tò márùn-ún àti àwòrán ìwọ̀n kan wà nínú fódà tí mo fi ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fọ́tò kankan kún un. Mo mọ̀ pé ẹ ní ilé aláràbarà kan tí ẹ máa ń fi sí irú iṣẹ́ báyìí, èyí tí ọkọ̀ dúdú dúró síwájú rẹ̀. Kò sí ilé lórí ilẹ̀ yìí. Koríko ló wà níbẹ̀, koríko náà ni ká fi hàn wọ́n.

OJÚ KÌÍNÍ

Fọ́tò `ile7-01.jpg` ni kó gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ojú ìwé. Ẹ jẹ́ kó kọjá ibi tí ẹ máa gé ní mìlímítà 3, kí etí funfun má baà yọ. Ojú títì ni mo dúró sí yà á ní aago méje àbọ̀ òwúrọ̀, mo sì gbé fóònù ní ìbú. Mi ò lo 0.5x, ojú kámẹ́rà tó máa ń fẹ ilẹ̀ kọjá bó ṣe mọ. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ló gbé èmi náà dé ilẹ̀ kan nígbà kan rí. Lórí ìwé, ilẹ̀ ọ̀hún lọ súà bíi pápá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí mo débẹ̀, mo gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ògiri ẹlòmíì. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń ṣépè nígbà tí mò ń padà bọ̀, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún mi.

Ẹni tó wọ aṣọ pupa lókèèrè nínú fọ́tò, àbúrò mi ni. Ẹ má pa á rẹ́. Ẹsẹ̀ òpó ààlà ẹ̀yìn ló dúró sí, ara rẹ̀ sì ni ojú máa fi mọ bí ilẹ̀ ṣe jìn tó.

> ILẸ̀ TÍTÀ
> 1,120 m², létí títì ọlọ́dà, kò sí ilé lórí rẹ̀
> Ilẹ̀ 7, Òpópónà Ìrókò
>
> Ẹni tó wọ aṣọ pupa yẹn dúró sí ìparí ilẹ̀, mítà 40 sí títì.
>
> Ẹ wá wò ó ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta: 9, 16 tàbí 23 oṣù Karùn-ún 2026, aago 9 àárọ̀ sí 12 ọ̀sán
> Fóònù: 555 0142

Nọ́ńbà fóònù máa tún wà lẹ́yìn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn, ojú kìíní nìkan ni wọ́n máa yà sórí fóònù, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

Ẹ wo àmì lórí àti lábẹ́ lẹ́tà dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Mo ti rí ìwé ìléwọ́ kan tí irú lẹ́tà tí wọ́n lò gbé àmì wọn mì pátápátá, "ilẹ̀ títà" di "ile tita". Àwọn tó pè ń béèrè iye yàrá.

OJÚ KEJÌ

Kò sí fọ́tò níbí. Ẹ tò ó bíi tábìlì, orúkọ lápá òsì, iye lápá ọ̀tún.

> OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ MỌ̀ KÍ Ẹ TÓ WÁ
>
> Iwájú, lójú títì: 30 m
> Ẹ̀yìn: 26 m
> Ẹ̀gbẹ́ òsì: 40 m
> Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún: 40.2 m
> Gbogbo ilẹ̀: 1,120 m²
> Ibi tí ẹ lè kọ́ nǹkan sí: 1,000 m²
>
> Kí ló dé tí iye méjèèjì kò dọ́gba? Ẹni tó ni ilẹ̀ ẹ̀yìn ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀gbẹ́ òsì ilẹ̀ yìí jáde sí títì. Ọ̀nà náà fẹ̀ ní mítà 3, ó gùn ní mítà 40, ìyẹn 120 m². Ó wà nínú ìwé ilẹ̀, ẹni tó bá rà á yóò sì bá a níbẹ̀. Tiyín ni ilẹ̀ ibẹ̀, ẹ lè jẹ́ kí koríko hù sí i, àmọ́ ẹ kò lè mọ odi sórí rẹ̀ tàbí ti géètì pa á.
>
> Títì: ọ̀dà, ó fẹ̀ ní mítà 7.
> Iná: òpó iná wà lójú títì, a kò tíì fà á wọ inú ilẹ̀.
> Omi: páìpù omi gba abẹ́ títì kọjá, a kò tíì fà á wọlé.
> Ìdagẹ̀rẹ̀: iwájú fi mítà 1.2 ga ju ẹ̀yìn lọ. Ẹ̀yìn ni omi òjò ń ṣàn lọ.
> Erùpẹ̀: dúdú lókè, amọ̀ pupa lábẹ́. A kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò fún ìpìlẹ̀ ilé. Ẹ lè mú onímọ̀ wá gbẹ́ ẹ wò kí ẹ tó dáwó lé e.
> Ohun tí a fọwọ́ sí: ilé gbígbé.
> Ìwé: ìwé ìní àti àwòrán ìwọ̀n ilẹ̀ wà lọ́wọ́, orúkọ ẹni tó ń tà á ló wà lórí méjèèjì. Kò sí gbèsè lórí rẹ̀. A ó fún yín ní ẹ̀dà kí lọ́yà yín fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó bá fẹ́ bá yín "tún" 1,120 ṣe sí 1,200, ẹ má gbà fún un. 30 lọ́nà 40 ló ń rò, kò sì rí i pé ẹ̀yìn kò fẹ̀ tó iwájú. Ẹ ro 30 pọ̀ mọ́ 26, ẹ pín in sí méjì, 28 ni; 28 lọ́nà 40 ni 1,120.

Ní ti ọ̀nà aládùúgbò yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká kọ ọ́ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ sẹ́yìn ìwé, pé ẹni tí ilẹ̀ bá ti wọ̀ lójú kò ní bìkítà mọ́. Mo kọ̀. Lọ́yà oníbàárà máa rí i nínú ìwé dandan, lọ́jọ́ tó bá sì rí i, gbogbo ohun yòókù tí a sọ ló máa di irọ́ lójú wọn. Lẹ́tà kan náà pẹ̀lú ìyókù ni kó jẹ́, ẹ má fi dín.

OJÚ KẸTA

`ile7-02.jpg` ni kó tóbi jù níbí. Ọ̀sán kan gbáko ni òpó yẹn fi dá wa lágara. Erùpẹ̀ tí òjò wọ́ wá ti bò ó mọ́lẹ̀. Awọnlẹ̀ ń fi ọ̀pá irin gún ilẹ̀ káàkiri, gbù, gbù, gbù, títí ó fi dún kàn-ún lójijì. A fi ọwọ́ ha erùpẹ̀ kúrò, nọ́ńbà 4 yọjú lórí kọnkéré, èèrà ń sá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má gé ọwọ́ tó dì í mú nínú fọ́tò, ọwọ́ yẹn ló jẹ́ kí òpó náà hàn bí ó ṣe tóbi tó.

> Òpó ààlà 4, igun ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pé, a sì ti kun orí wọn ní pupa. Tí ẹ bá wá, a ó mú yín dé ẹsẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lábẹ́ rẹ̀, ẹ to mẹ́ta yòókù sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Fún `ile7-03.jpg`, ẹ fa ìlà funfun yí ilẹ̀ ká. Kí ìlà náà dúró sínú ààlà o. Nínú èyí tí ẹ kọ́kọ́ fi hàn mí, ó ti gbé igi aládùúgbò pẹ̀lú àgbàlá rẹ̀ dání. Ẹ sì bo nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà ní igun ìsàlẹ̀.

> Ilẹ̀ náà láti orí ilé òdìkejì títì. Ìfojúwọ̀n ni ìlà funfun. Ìwọ̀n gan-an wà lórí àwòrán ìsàlẹ̀ yìí.

`ile7-04.jpg`:

> Wákàtí kan lẹ́yìn òjò ńlá. Omi tí ẹ rí lẹ́yìn yìí fà kí ilẹ̀ tó ṣú.

`ile7-05.jpg`:

> Ọ̀nà aládùúgbò, lápá òsì. Okùn tí a ta sílẹ̀ fi ibi tó fẹ̀ dé hàn.

Àwòrán ìwọ̀n, `ile7-iwon.pdf`, ló gba ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Kí mítà 40 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8 gééré lórí ìwé. Tí kò bá gba àyè, ẹ dín fọ́tò kù. Ẹ má fún àwòrán yẹn ní ìbú nìkan, ẹ má sì yọ ọfà àríwá kúrò.

> Ìwọ̀n 1:500. Sẹ̀ǹtímítà 1 lórí ìwé jẹ́ mítà 5 lórí ilẹ̀. Ibi tí a kun ní eérú ni ọ̀nà aládùúgbò.

OJÚ KẸRIN

> BÍ A ṢE FẸ́ TÀ Á
>
> A kò dá iye lé e. Kí oníkálukú kọ iye tó fẹ́ san sínú ìwé, kó kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i, kó sì sọ bóyá owó wà nílẹ̀ tàbí ẹ̀yáwó ló fẹ́ gbà. Kó fi sínú àpòòwé, kó lẹ̀ ẹ́ pa, kó kọ "Ilẹ̀ 7" sí ara rẹ̀. Ẹ lè fi lé wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá wá wo ilẹ̀, tàbí kí ẹ pè wá ká wá gbà á.
>
> Ó parí ní Ọjọ́ Ẹtì, 29 oṣù Karùn-ún 2026, aago 4 ìrọ̀lẹ́. A ó ṣí gbogbo àpòòwé ní Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Kẹfà, aago 10 àárọ̀, lórí ilẹ̀ náà, lójú gbogbo ẹni tó bá wá. Kì í ṣe dandan ká mú iye tó ga jù: ẹni tí owó rẹ̀ wà nílẹ̀ lè ṣáájú ẹni tó ń retí ẹ̀yáwó.
>
> A kì í gba owó kí ẹ tó wo ilẹ̀. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní àwa la rán òun.
>
> Ẹ PÈ WÁ
>
> Àbẹ̀kẹ́, ẹni tó ni ilẹ̀. Kò sí alágbàtà láàárín.
> Fóònù àti Wátsáàpù: 555 0142, aago 8 àárọ̀ sí 7 alẹ́
> Ímeèlì: ile7@example.com
>
> Bí ẹ ṣe máa débẹ̀: láti oríta ńlá, ẹ ya sí òpópónà kejì lápá òsì, ẹ rìn tó mítà 350. Táǹkì omi aláwọ̀ búlúù wà ní òdìkejì títì. Ilẹ̀ tó kọjú sí i gan-an ni, pátákó "Ilẹ̀ 7" wà lẹ́nu ọ̀nà.

Àpótí ìpè yẹn, orí funfun ni kó wà, ẹ má tẹ fọ́tò kankan sábẹ́ rẹ̀. Kí àmì QR tó wà nínú fódà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2 àbọ̀, kí àyè funfun yí i ká, kó sì jìnnà sí ibi tí a máa ká ìwé. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú lórí ẹ̀rọ tó ń tẹ dúdú àti funfun nìkan, torí wọ́n máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri, aṣọ pupa àbúrò mi kò sì gbọdọ̀ wọ inú koríko lọ. Tó bá wọ̀ ọ́, ẹ fa òrùka funfun tín-ínrín yí i ká.

Ọ̀ọ́dúnrún la fẹ́. Ẹyọ kan ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀, mò ń bọ̀ lọ́la láti wá fi fóònù mi pe nọ́ńbà tó bá wà lórí rẹ̀ níwájú yín. Tí fóònù kejì tó wà nínú báàgì mi bá dún, ẹ tẹ ìyókù.