Lẹ́tà sí agbaṣẹ́ṣe lórí àwọn àlébù tí a rí nínú ilé kí oṣù méjìlá àtúnṣe tó pé

Ìgbìmọ̀ Ìkọ́lé,
Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù,
Àdátán, Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Sí Agbaṣẹ́ṣe tó kọ́ gbọ̀ngán àti ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ wa,
Abẹ́òkúta.

Alàgbà,

ÀWỌN ÀLÉBÙ TÓ WÀ NÍNÚ GBỌ̀NGÁN ÀTI ṢỌ́Ọ̀BÙ MẸ́JỌ NÍ ÀDÁTÁN

A kí yín, a sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ìwé yìí dá lé àdéhùn tí a jọ fọwọ́ sí lórí kíkọ́ gbọ̀ngán ìpàdé àti ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ ẹgbẹ́ wa. Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2024 ni akitẹ́ẹ̀tì kọ ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ ti dé ibi tí a lè kó wọlé. Láti ọjọ́ náà ni oṣù méjìlá tí ẹ gbà láti fi máa tún àlébù iṣẹ́ yín ṣe ti bẹ̀rẹ̀, yóò sì pé ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí. A ń fi gbogbo àlébù tí a rí tó yín létí ní kíkọ sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó kò, kó má baà di àríyànjiyàn lẹ́yìn ọ̀la bóyá a sọ ọ́ tàbí a kò sọ ọ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án, akitẹ́ẹ̀tì, ẹnjiníà àti àwa ọmọ ìgbìmọ̀ yẹ ilé náà wò láti orí òrùlé títí dé sókàwéè. A mọ̀ọ́mọ̀ dúró kí òjò ọdún yìí rọ̀ dáadáa kí a tó ṣe é, nítorí pé nínú òjò ni òrùlé àti ìpìlẹ̀ ti ń fi ara wọn hàn.

Èyí tó ká wa lára jù lọ ni ògiri tó ń sán ní igun ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún, níbi tí ṣọ́ọ̀bù kẹjọ wà. Sísán náà bẹ̀rẹ̀ láti igun ìsàlẹ̀ fèrèsé, ó sì ń gba ojú ìsopọ̀ búlọ́ọ̀kù sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Ó hàn nínú, ó hàn lóde, ó sì fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ. Nígbà tí a kọ́kọ́ rí i nínú oṣù keje, ìbú rẹ̀ kò ju mìlímítà 2 lọ. Ẹnjiníà po sìmẹ́ǹtì díẹ̀, ó fi lẹ ojú rẹ̀ ní ibi mẹ́ta, ó sì kọ ọjọ́ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a padà débẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kán sí méjì gbọọrọ, ibi tó sì fẹ̀ jù lára sísán náà ti tó mìlímítà 5. Igun ilé náà ṣì ń rì. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti ìrẹ́lé tó sán.

Ẹ̀yin náà mọ bí ilẹ̀ Abẹ́òkúta ṣe rí: àpáta lè yọrí síta níwájú ilé, kó sì rì wọlẹ̀ lọ jìnnà lẹ́yìn ilé kan náà. Iwájú ilé wa jókòó lórí àpáta, ṣùgbọ́n igun ẹ̀yìn wà níbi tí ẹ ti da erùpẹ̀ kún kòtò. Àwòrán ẹnjiníà sọ ọ́ kedere pé kí ẹ wa ìpìlẹ̀ kọjá erùpẹ̀ tí ẹ dà, títí yóò fi kan ilẹ̀ líle tàbí àpáta. A gbẹ́ kòtò kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà, a sì rí i pé orí erùpẹ̀ dídà ni kọnkéré ìpìlẹ̀ náà wà. Wọn kò gún erùpẹ̀ ọ̀hún dáadáa, torí a bá àpò sìmẹ́ǹtì àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù nínú rẹ̀. Ohun tó tún ń dá kún un ni pé páìpù tó ń gbé omi òrùlé sọ̀ kalẹ̀ ń da gbogbo omi náà sí igun yìí gan-an, nítorí pé gọ́tà oníkọnkéré tó wà nínú pílánì, tó yẹ kó gba omi lọ sójú títì, dúró sí ìdajì ẹ̀yìn ilé.

Ní ti àlébù yìí, a kò ní gba kí bíríkìlà wá fi sìmẹ́ǹtì dí i, kí ẹlòmíràn sì wá fi ọ̀dà kùn ún. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ parí gọ́tà náà kí omi lè kúrò nídìí ilé. Lẹ́yìn náà, kí ẹnjiníà yín kọ ìlànà iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹnjiníà wa láti yẹ̀ wò, nípa bí ẹ ó ṣe gbẹ́ abẹ́ ìpìlẹ̀ náà dé orí àpáta tí ẹ ó sì fi kọnkéré gbé e ró. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ gbẹ́ ẹ, kí apá kan gan kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn, kí ògiri má baà wó lu àwọn òṣìṣẹ́ yín. Ẹ̀yìn tí sìmẹ́ǹtì tuntun tí a bá lẹ̀ mọ́ ọn bá ti dúró láìkán ni kí ẹ tó rẹ́ ògiri náà.

Àlébù kejì jẹ́ ewu fún ẹ̀mí, a kò sì lè fi dúró de ọjọ́ ìpàdé tí a dá nísàlẹ̀ ìwé yìí. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù kẹta gbé ìyá tó ń ta àdìrẹ níbẹ̀ nígbà tó fẹ́ ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Oníná tí a pè tú bọ́ọ̀dù ńlá, ó sì bá wáyà áàtìn níbi tí wọ́n ká a sí, tí wọn kò so ó mọ́ irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ìyẹn ni pé kò sí áàtìn kankan ní gbogbo ilé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a sanwó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé òǹkà iṣẹ́. A ti pa iná gbogbo ṣọ́ọ̀bù. A fẹ́ kí ẹ so áàtìn náà, kí ẹ wọ̀n ọ́n lójú ẹnjiníà wa, kí ẹ sì yẹ gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì wò lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí ìwé yìí bá dé ọwọ́ yín.

Òrùlé gbọ̀ngán ń jò ní ibi mẹ́rin. Nígbà tí a gòkè, a rí i pé àwọn káfíńtà kan ìṣó sínú kòtò páànù níbi púpọ̀, dípò orí rẹ̀ tó yọ sókè. Inú kòtò yẹn sì ni omi ń gbà kọjá. Rọ́bà abẹ́ ọ̀pọ̀ ìṣó kò sí mọ́, ti àwọn mìíràn ti fọ́. Pí-ó-pí òkè pèpéle ti di aláwọ̀ ilẹ̀, ó sì ti tẹ̀ wọnú. Bẹ́ẹ̀ ni omi ń kán láti ihò gílóòbù kan níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n kàn fi ọ̀dà bítúmẹ́ẹ̀nì lẹ ojú ihò wọ̀nyí, nítorí oòrùn ọyẹ́ yóò mú un sán kí òjò mìíràn tó dé. Páànù tí wọ́n ti dá lu báyìí ni kí ẹ pààrọ̀, kí ẹ yẹ igi abẹ́ rẹ̀ wò bóyá ó ti rà, kí ẹ tó wá tún pí-ó-pí náà ṣe.

Ilẹ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin dagẹ̀rẹ̀ sí ọ̀nà ilẹ̀kùn dípò kó dagẹ̀rẹ̀ sí ojú ihò omi, gbogbo omi tí a bá fi fọ̀ ọ́ ló sì ń ṣàn wá sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí a fi owó irin kan àwọn táìsì ilẹ̀ náà, tó ìdajì wọn ló ń dún bí ohun tó ṣófo lábẹ́. Ẹ ó ní láti tú gbogbo rẹ̀, torí títún ojú kan ṣe kò lè yí ìdagẹ̀rẹ̀ padà.

Sókàwéè kún ní ìgbà mẹ́ta láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án. Mítà 3 ni jíjìn rẹ̀ nínú pílánì, ṣùgbọ́n mítà 1.6 péré ni a bá nígbà tí a wọ̀n ọ́n, tí àpáta sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. A mọ̀ pé àpáta kì í fa omi, a kò sì sọ pé kí ẹ bá Ọlọ́run jà. Ṣùgbọ́n àdéhùn wa sọ pé bí ẹ bá pàdé àpáta, kí ẹ fi tó akitẹ́ẹ̀tì létí kó lè wá ibòmíràn. Ẹ kò sọ ọ́, ẹ sì gba owó mítà 3. Kí ẹ bá akitẹ́ẹ̀tì jókòó lórí ibi tí a ó gbé e sí, kí ẹ sì gbẹ́ òmíràn.

Àwọn tó kù kò gba àlàyé púpọ̀. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kejì àti ìkarùn-ún ń há. Ọ̀dà ń ṣí lára ògiri ìta tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Páìpù tó sọ̀ kalẹ̀ láti táǹkì ń jò níbi ìsopọ̀. Kọ́kọ́rọ́ bọ́gílárì gbọ̀ngán kò yí mọ́. Gíláàsì fèrèsé kan tó fọ́ àti ẹnu ẹ̀rọ omi tó kán ní ṣọ́ọ̀bù kẹfà kò sí nínú ohun tí a ń béèrè, nítorí ọwọ́ àwọn ayálégbé ni wọ́n ti bàjẹ́, àwa ni yóò sì tún wọn ṣe.

A bẹ̀ yín kí ẹ bá wa pàdé nínú ilé náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kí ẹ mú ẹnjiníà, bíríkìlà àti káfíńtà yín dání. Ní ọjọ́ yẹn, kí ẹ fún wa ní ìwé tí yóò sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí. Yàtọ̀ sí iná tí a ti dá ọjọ́ fún àti iṣẹ́ ìpìlẹ̀ tí ẹnjiníà méjèèjì yóò jọ fẹnu kò lé lórí, kí gbogbo rẹ̀ parí láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ sí ọjọ́ ìpàdé náà. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń tajà láti aago mẹ́jọ, ẹgbẹ́ sì máa ń ṣèpàdé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣètò iṣẹ́ aláriwo yí ìwọ̀nyí ká. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọlọ́dẹ.

Gbogbo owó iṣẹ́ náà jẹ́ 68,400,000 náírà, a sì dá ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ dúró, èyí tó jẹ́ 3,420,000 náírà. Ẹ ti gba ìdajì rẹ̀ nígbà tí a kó wọlé. 1,710,000 náírà tó kù yóò wà lọ́wọ́ wa títí akitẹ́ẹ̀tì yóò fi fọwọ́ sí i pé àtúnṣe ti parí. Bí ẹ kò bá wá, tàbí tí iṣẹ́ kò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí a bá fi sí, a ó gbé e fún ẹlòmíràn, a ó yọ owó rẹ̀ nínú èyí tó wà lọ́wọ́ wa, a ó sì béèrè ìyókù lọ́wọ́ yín bí kò bá tó. Pípé tí oṣù méjìlá náà bá pé kò pa àlébù tí a ti kọ síhìn-ín rẹ́, kò sì gba ẹ̀tọ́ wa lórí èyí tó bá sá pamọ́ tí ojú kò tíì rí.

Àwòrán àwọn àlébù wọ̀nyí, pẹ̀lú ọjọ́ tí a yà wọ́n, wà nínú àpò ìwé kan náà. A ń retí èsì yín ní kíkọ sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá oṣù yìí.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,

Alága Ìgbìmọ̀ Ìkọ́lé
Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Ìkọ́lé

Ẹ̀dà: Akitẹ́ẹ̀tì; Ẹnjiníà; Ààrẹ Ẹgbẹ́.