Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kẹfà: aláró kan ní Òṣogbo, àti ìlẹ̀kùn tó ń ṣiṣẹ́ tí áàpù wa ò ṣe

Ẹ̀yin ará iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ohùn tí mo gbà sílẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 47. Bí ẹ bá máa gbọ́ ọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 9:00. Ìkíni àti ẹjọ́ iná tí kò sí ló ṣáájú. Màmá yìí ti lé ní ẹni 50 ọdún. Ó ń pa aṣọ láró lẹ́yìnkùlé ilé rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó sì ní ìsọ̀ lọ́jà. Ọ̀sẹ̀ 3 ló ti fi lo áàpù ìwé-gbèsè wa. Ó gbà kí n gba ohùn òun sílẹ̀. Mo ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, mo sì ti pààrọ̀ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó.

Ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀

Orúkọ ló kọ́kọ́ dá a dúró. Kò sí bí èèyàn ṣe lè kọ gbèsè sínú áàpù wa láìkọ orúkọ, orúkọ ìdílé àti nọ́ńbà fóònù.

[12:40] "Ta ló ń jẹ́ súnémù lọ́jà? Ìyá Bọ́sẹ̀ Òkè-Fìà ni mo mọ̀, Ìyá Bọ́sẹ̀ Ayétòrò ni mo mọ̀. Ẹ wá ní kí n kọ orúkọ baba ọkọ wọn. Ṣé mo fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn ni?"

A ti gbọ́ irú èyí lẹ́nu ẹni kejì àti ẹni kẹrin, nítorí náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tí à ń fi sin owó ló dùn ún jù. Ohùn rẹ̀ yí padà nígbà tó ń sọ ti oníbàárà kan tó jẹ ẹ́ lówó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ibẹ̀ fúnra yín.

[19:05] "Ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin ìyá ọkọ rẹ̀ ni ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i, láàárọ̀ kùtù. Ó ní ṣé èmi ni mo ń fi fóònù lé òun kiri. Owó tó kù ò ju ₦3,500 lọ! Mo lọ bẹ̀ ẹ́, mo tún gbé yáàdì 2 dání."

Kò mọ̀ pé áàpù ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Àwa la tan bọ́tìnnì yẹn sílẹ̀ fún un. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, ẹnu la fi ń sin owó, lẹ́yìn tí a bá ti béèrè àlàáfíà ilé.

Ẹ̀kẹta ni ọwọ́. Ìka ló fi ń ṣí fóònù.

[26:30] "Tí mo bá ń yọ aṣọ nínú ìkòkò, fóònù ò mọ̀ mí mọ́. Aró ti gba ìka."

Dátà àti bátìrì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ráhùn lé wọn.

Ọgbọ́n tó ń dá sí i

Ó so fóònù kọ́ sára ìṣó nínú ọ̀rá, ó ń fi oríkèé ìka tẹ̀ ẹ́ láti ìta. Ó ṣe é lójú mi: ìgbà 5 ló tẹ̀ ẹ́, ìgbà 2 ló dáhùn. Bó bá sú u, á pe ọmọ rẹ̀ obìnrin kó wá tẹ̀ ẹ́.

Ìwé-gbèsè rẹ̀ gan-an wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ṣọ́ọ̀kì funfun ló fi ń fa ìlà, ìlà kan fún ₦1,000, ààbọ̀ ìlà fún ₦500. Ó ya ìgbálẹ̀ kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kan nítorí pé ẹni náà ń tà á. Tí wọ́n bá san díẹ̀, á fi èédú dábùú ìlà náà, kò ní nù ún kúrò.

[33:15] "Bí mo bá pa á rẹ́, ó lè ní òun ti san ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kó wá wo èédú."

Lọ́dọ̀ tiwa, gbèsè tí wọ́n bá ti san tán ń pòórá lójú fóònù. Mo ka ẹni 14 lára ìlẹ̀kùn; 5 péré ló wà nínú áàpù.

Ohun tí ẹ má ṣe kà kún un

Ní 38:20 mo béèrè pé, "Ṣé ẹ ò ní fẹ́ kí áàpù máa ka gbèsè síta fún yín?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni mo fi ìdáhùn sí i lẹ́nu, ó kàn bọ̀wọ̀ fún àlejò ni. Ẹ má kọ ọ́ sí ara ohun tí oníbàárà fẹ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ẹ pa àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn lónìí, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ tan án fúnra rẹ̀. Ti orúkọ, àpótí kan ṣoṣo tó lè gba "Ìyá Bọ́sẹ̀ Òkè-Fìà" ti tó. Ọ̀rọ̀ èédú gba àròjinlẹ̀, ẹ jẹ́ ká jókòó lé e lọ́jọ́ Ajé. Kí ẹ má sì fi ti ọwọ́ aláró falẹ̀: tí ọdún Ọ̀ṣun bá dé ní oṣù kẹjọ, ó ní òun kì í ráyè nu ọwọ́ rárá, ìgbà yẹn gan-an sì ni gbèsè máa ń pọ̀ jù.

Mo ti fi fọ́tò ìlẹ̀kùn náà mọ́ èyí, mo bo àwọn orúkọ. Ọjọ́bọ̀ ni mo ń lọ bá àwọn aláta ní Ìgbóná.