Gbólóhùn Ẹ̀rí Ẹlẹ́rìí Lábẹ́ Ìbúra

NÍ ILÉ-ẸJỌ́ GÍGA TI ÌPÍNLẸ̀ Ọ̀YỌ́
Ẹ̀KA ÌDÁJỌ́ ÒGBÓMỌ̀ṢỌ́, TÍ Ó JÓKÒÓ NÍ ÒGBÓMỌ̀ṢỌ́

Nọ́ńbà ẹjọ́: HOG/214/2022

Láàárín

Abílékọ Felísíà Bọ́láńlé Àyándélé: Olùpẹ̀jọ́

àti

Ọ̀gbẹ́ni Kàsálì Àlàbí Yusufu: Olùjẹ́jọ́ kìíní
Ọ̀gbẹ́ni Tìmótì Ọ̀jẹ́níyì: Olùjẹ́jọ́ kejì

GBÓLÓHÙN Ẹ̀RÍ ẸLẸ́RÌÍ KEJÌ FÚN OLÙPẸ̀JỌ́

Èmi, Gébúrẹ́lì Àjàní Ọ̀jẹ́níyì, ọkùnrin, Kristẹni, ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, káfíńtà tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí mo ń gbé ní agbo ilé Ọ̀jẹ́níyì nítòsí Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́, búra mo sì sọ báyìí pé:

1. Ẹni ọdún 71 ni mí. Mo jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹbí Ọ̀jẹ́níyì tí ó ni ilẹ̀ tí à ń jà sí níbẹ̀rẹ̀, èmi ni mo sì ń ṣojú fún ojúlé kẹta nínú ojúlé mẹ́ta tí ẹbí wa pín sí. Ohun tí ojú mi rí àti ohun tí ọwọ́ mi ṣe ni mo ń sọ; ibi tí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó sọ fún mi, n óò dárúkọ ẹni náà.

2. Mo mọ olùpẹ̀jọ́ àti àwọn olùjẹ́jọ́ méjèèjì. Olùjẹ́jọ́ kejì jẹ́ ọmọ àbúrò mi tí ó ti dolóògbé, abẹ́ òrùlé mi ni ó ti dàgbà, ọwọ́ mi ni ó sì ti kọ́ṣẹ́. Ó dùn mí wọra láti jẹ́rìí takò ó, ṣùgbọ́n èmi pẹ̀lú rẹ̀ kọ́ ni a jọ ta ilẹ̀ fún olùpẹ̀jọ́. Èmi àti àwọn àgbà ni, n kò sì lè sẹ́ ohun tí mo fọwọ́ sí. Kò sí ẹni tí ó fún mi lówó tàbí tí ó fipá mú mi.

3. Ilẹ̀ náà wà ní ọ̀nà Ìlọrin àtijọ́, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́. Oko bàbá wa ni, níbi tí a ti ń gbin ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti kajú. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá sílẹ̀ ní ọdún 1990, ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ sápá ibẹ̀, ẹbí wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilẹ̀ níwọ̀nba nígbà tí àìní bá dé.

4. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, ìjì ká òrùlé ilé ẹbí wa. Olóògbé Pa Jákọ́bù Àdìgún Ọ̀jẹ́níyì, tí ó jẹ́ olórí ẹbí nígbà náà, pe àwa àgbà ojúlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, a sì fohùn ṣọ̀kan láti ta pulọ́ọ̀tì méjì. Olùpẹ̀jọ́ àti ọkọ rẹ̀ wá, a jọ dúnàá dúrà, ó sì já sí ₦150,000 fún pulọ́ọ̀tì kan, ₦300,000 lápapọ̀.

5. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2009, olùpẹ̀jọ́ san ₦200,000 níwájú wa, ó sì san ₦100,000 tí ó kù ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún kan náà. Lọ́jọ́ kejì yìí, lẹ́yìn tí a ti gba obì àti ọtí tí ó gbé wá, olórí ẹbí kọ rìsíìtì, òun, Pa Sálámì Ọ̀jẹ́níyì tí ó ṣojú fún ojúlé kejì, àti èmi sì fọwọ́ sí i. Ọkọ olùpẹ̀jọ́ ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Bí wọ́n bá fi rìsíìtì náà hàn mí, n óò dá a mọ̀ nípa ìfọwọ́sí mi, àti nípa báírò pupa tí olórí ẹbí fi kọ iye owó nítorí pé ti aláwọ̀ búlúù tí ó fi bẹ̀rẹ̀ tán lójijì.

6. Lọ́jọ́ kan náà ni gbogbo wa rìn yí ilẹ̀ náà ká tí a sì fi lé e lọ́wọ́. Ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 100 lọ́nà gbogbo. Ní àríwá, ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ó lọ sí odò ni ààlà rẹ̀. Ní ìlà oòrùn, ilẹ̀ tí a ti tà fún ìjọ kan ṣáájú. Ní gúúsù, ìyókù ilẹ̀ ẹbí wa. Ní ìwọ̀ oòrùn, ẹsẹẹsẹ pèrègún àti igi máńgòrò ńlá kan tí bàbá wa gbìn. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2009, mo wà níbẹ̀ láti tọ́ka ààlà fún oníwọ̀n-ilẹ̀ tí ó ṣe sọ́fè fún olùpẹ̀jọ́, ó sì ri òpó kọnkéré mẹ́rin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìwé sọ́fè náà fi hàn pé ilẹ̀ náà jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 929.03.

7. Mo ti ka ìwé ìgbèjà àwọn olùjẹ́jọ́, níbi tí wọ́n ti sọ pé pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ni olùpẹ̀jọ́ rà, èyí tí ó wà ní apá ìlà oòrùn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ọdún 2014, olùpẹ̀jọ́ gbẹ́ kànga sí apá ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ náà, kò jìnnà sí igi máńgòrò, olórí ẹbí fúnra rẹ̀ sì dúró ti àwọn tí ń gbẹ́ ẹ, ó fi ibi tí omi wà hàn wọ́n. Ṣáájú èyí, ní ọdún 2012, olùpẹ̀jọ́ ti fi bulọ́ọ̀kù ṣe ìpìlẹ̀ ògiri yí pulọ́ọ̀tì méjèèjì ká. Láti òjò ọdún 2010 ni ìyàwó mi sì ti ń gbin àgbàdo sí àyè tí ó ṣófo níbẹ̀, lẹ́yìn tí ó tọrọ àyè lọ́wọ́ olùpẹ̀jọ́, ọdọọdún ni a sì ń gbé àgbàdo tútù lọ fún un kí a tó jẹ tiwa. Bí pulọ́ọ̀tì apá ìwọ̀ oòrùn bá ṣì jẹ́ ti ẹbí wa ni, a kì bá tí tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

8. Olórí ẹbí kú ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 2016.

9. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2021, ìyàwó mi sáré wá pè mí láti oko. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo rí katapílà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ti wó ìpìlẹ̀ ògiri apá ìwọ̀ oòrùn, wọ́n ti hú òpó kọnkéré méjì, igi máńgòrò bàbá wa sì ti wà nílẹ̀. Mo bi olùjẹ́jọ́ kìíní pé ta ni ó ní kí ó wọlé. Ó ní olùjẹ́jọ́ kejì ni ó ta ilẹ̀ náà fún òun ní ₦900,000, ó sì fi ìwé kan hàn mí.

10. Mo ka ìwé náà níbẹ̀. Ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2015 ni wọ́n kọ sí i. Ìtẹ̀ka ni ó wà ní àyè olórí ẹbí, wọ́n sì kọ orúkọ mi sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, pẹ̀lú ìfọwọ́sí kan ní iwájú rẹ̀. Ìfọwọ́sí náà kì í ṣe tèmi, n kò sì sí níbi títa ilẹ̀ kankan fún olùjẹ́jọ́ kìíní. Olóògbé Pa Jákọ́bù jẹ́ tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì. Gbogbo ìwé ẹbí tí mo bá a fọwọ́ sí ni ó kọ orúkọ rẹ̀ sí, n kò rí i kí ó tẹ̀ka rí títí ó fi kú. N kò mọ ẹni tí ó tẹ ìka náà, nítorí náà n kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

11. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 2021, a ṣe ìpàdé ní ilé ẹbí, àwọn olùjẹ́jọ́ méjèèjì sì wá. Níwájú gbogbo wa ni olùjẹ́jọ́ kejì ti sọ pé òun gba owó náà, pé òun rò pé ibẹ̀ wà lára ìyókù ilẹ̀ ẹbí. Mo bi í pé àgbà wo ni ó rán an, kò dáhùn. A ní kí ó dá owó padà, a sì bẹ olùjẹ́jọ́ kìíní kí ó dúró. Ó kọ̀, ó ní òun ti kó irin àti sìmẹ́ńtì wá, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ títí olùpẹ̀jọ́ fi wá sí ilé-ẹjọ́ yìí.

12. Ẹbí Ọ̀jẹ́níyì kò fún olùjẹ́jọ́ kejì láṣẹ nígbàkígbà láti ta ilẹ̀ náà, kò sì sí kọ́bọ̀ nínú ₦900,000 náà tí ó dé ọwọ́ ẹbí.

13. Èdè Yorùbá ni mo fi ṣe gbólóhùn yìí, mo lè kà á, mo sì ti kà á fúnra mi kí n tó fọwọ́ sí i. Mo mọ̀ pé ògbifọ̀ ilé-ẹjọ́ yóò túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì.

14. Mo ṣe gbólóhùn yìí tọkàntọkàn, mo gbà gbọ́ pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Òfin Ìbúra ti là á sílẹ̀.

Gébúrẹ́lì Àjàní Ọ̀jẹ́níyì
(Ó fọwọ́ sí i)
Olùbúra

A búra rẹ̀ ní ọ́fíìsì akọ̀wé Ilé-Ẹjọ́ Gíga, Ògbómọ̀ṣọ́, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, níwájú mi.

(Ó fọwọ́ sí i)
Kọmíṣọ́nnà fún Ìbúra