Bí a ṣe ń gba ìpè tí kò bá ìbéèrè wá: ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ tuntun

Ẹ káàbọ̀ sí yàrá ìpè iléeṣẹ́ owó orí fóònù wa ní Àjàṣẹ́. Ìwé tí ẹ gbà lánàá kún fún ìdáhùn: iye tí à ń gbà lórí owó tí a bá fi ránṣẹ́, bí a ṣe ń ṣí àpò owó tó ti tì, ohun tí a ó ṣe fún ẹni tí fóònù rẹ̀ sọnù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jókòó ti fóònù, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pè kì í bèèrè nǹkan kan. Wọ́n á kí yín, wọ́n á sọ gbólóhùn kan, wọ́n á dákẹ́.

Ìkíni ni kí a kọ́kọ́ mú, torí ibẹ̀ ni ọmọ tuntun ti ń ṣìṣe jù. Ìyá kan pè láti ọjà Wàndó: "Àlo, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé dáadáa lẹ jí? Àwọn ará ilé ńkọ́?" Ó wá dákẹ́. Ẹ má ṣe sọ pé "Kí lẹ fẹ́?" Bí ìgbà tí èèyàn ń lé àlejò lẹ́nu ọ̀nà ló ń dún. Ẹ dáhùn: "A jí dáadáa, mà. Ẹ ṣé tí ẹ pè. Mo ń gbọ́ yín." Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin náà dákẹ́, kí ẹ ka ení dé àrún nínú ikùn yín. Ọ̀rọ̀ á jáde. Bó bá jẹ́ Ègùn ló fi kí yín tí ẹ kò sì gbọ́ ọ, ẹ gbé e fún ẹni tó gbọ́ ọ kíá. Ẹ má fi Faransé bò ó mọ́lẹ̀.

"Owó mi ti lọ." Gbólóhùn yìí ni ẹ máa gbọ́ jù, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì lè wà nínú rẹ̀: ó ṣi nọ́ńbà tẹ̀ nígbà tó ń fi owó ránṣẹ́, ó fẹ́ gbowó ní kíóósì tí owó sì dín lápò ṣùgbọ́n tí kò dé ọwọ́, oníjìbìtì ti gba nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, tàbí owó iṣẹ́ wa lásán ni a yọ. Ẹ má mú ọ̀kan fúnra yín. Ẹ dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà fún un, kí ẹ wá bèèrè ohun kékeré kan ṣoṣo: "Owó yín lọ, mà. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹ̀yin lẹ fi ránṣẹ́, àbí ẹ kàn rí i pé ó dín?" Bó bá jẹ́ òun ló fi ránṣẹ́, ẹ bèèrè pé aago mélòó ni, nítorí ẹni tó gba owó náà lè ti gbé e kúrò kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀. "Kí ló dé tí ẹ kò wo nọ́ńbà dáadáa?" kò sí nínú iṣẹ́ wa.

Bó bá fẹ́ ka nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, ẹ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ dúró, mà, ẹ má kà á fún mi!" Ibẹ̀ nìkan ni jíjá ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà kì í ti í ṣe àfojúdi.

Bàbá kan láti Ìsakẹ́tẹ́ sọ fún mi nígbà kan pé, "Ọmọ mi ò sí mọ́." Ó kù díẹ̀ kí n kí wọn kú àrafẹ́rakù. Ọlọ́run ló ní kí n kọ́kọ́ ní, "Ọmọ yín ò sí mọ́, bàbá?" Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀, fóònù ní kò sí." Nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́jọ ni wọ́n kọ sínú ìwé wọn látijọ́. Láti ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni nọ́ńbà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti di ẹlẹ́yọ mẹ́wàá, tí 01 sì ń ṣíwájú. Irú ìpè yìí ṣì ń wọlé.

Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èébú ńkọ́? Bó bá ní "Olè ni gbogbo yín!", kò retí ìdáhùn sí ìyẹn. Ẹ má sọ pé kó fara balẹ̀, epo lẹ ń bù sínú iná. "Mo gbọ́, sà. Èló ló lọ?" Ẹni tínú ń bí máa ń mọ iye owó rẹ̀ gan-an.

Bí ẹnikẹ́ni ò bá fọhùn, ẹ sọ ohun tí ẹ ń gbọ́: "Mo ń gbọ́ ariwo sẹ́mìjàn lọ́dọ̀ yín, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ gbé e sílẹ̀, kí ẹ pè é padà. Bó bá jẹ́ ọmọdé, ẹ kí i, kí ẹ ní kó gbé fóònù fún àgbà tó wà nítòsí.

Nínú àpótí àkọ́kọ́ lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó pè ni kí ẹ kọ, kì í ṣe èrò yín. Bó bá ní "owó mi lọ", ẹ má kọ "wọ́n jà á lólè". Ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín nírọ̀lẹ́ á máa tọpa olè tí kò sí.

Lọ́la ní aago mẹ́jọ àárọ̀, olúkúlùkù yín á jókòó ti òṣìṣẹ́ àtijọ́ kan. Ẹ kò ní sọ̀rọ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ìpè kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa kọ sínú ìwé, kí ẹ sì gbé e wá fún mi ní aago méjìlá ọ̀sán.