Ẹ̀bẹ̀ fún Àtúnyẹ̀wò Ìdájọ́ Ìyọkúrò Mi ní Ilé-Ẹ̀kọ́

Òde-Rẹ́mọ,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ 16, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Sí Alága àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́,

Ẹ̀yin àgbà mi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìwé yín ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, tí ẹ fi ní kí n fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí pé máàkì àpapọ̀ mi jẹ́ 0.88, tí kò tó 1.00. N kò bá yín jiyàn lórí iye náà. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ wo ìgbà tí máàkì náà já wálẹ̀, kí ẹ sì fún mi ní sáà kan lábẹ́ ìṣọ́ dípò ìyọkúrò.

Ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ ni mo fi wọlé sí ọdún kejì ní ẹ̀ka Ìṣirò. Ìyá mi ló ń rán mi níwèé. Obì ló ń tà ní Ṣàgámù, òun nìkan ló sì ń gbọ́ bùkátà wa láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Ní sáà kìn-ínní, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Èmi àkọ́bí ni mò ń sùn tì í ní ilé ìwòsàn, ibẹ̀ náà ni mo ti ń bọ́ sí kíláàsì. 1.36 ni mo gbà ní sáà yẹn. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdánwò sáà kejì bẹ̀rẹ̀, ìyá mi dákẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ìwé máàkì Kákúlọ́ọ̀sì mi wò. Ìdánwò àárín sáà, tí a ṣe kí ìyá mi tó kú: 24 nínú 30. Ìdánwò àṣekágbá, tí mo ṣe lẹ́yìn ìsìnkú: 9 nínú 70. Olùkọ́ kan náà ló kọ́ wa, iṣẹ́ kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn yòókù ṣe rí, tí sáà náà fi di 0.40.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò kọ̀wé pé kí ẹ dá ìdánwò mi dúró. Àwọn tí ìyá mi gba obì àwìn lọ́wọ́ wọn ti ń wá owó wọn, èyí tó kù nínú agbọ̀n sì ń jẹrà. Kòkòrò obì kì í dúró kí èèyàn ṣọ̀fọ̀ tán. Àbúrò méjì wà lọ́rùn mi. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, n kò ní í rí ọ̀nà padà.

Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ báyìí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìkẹ́nnẹ́ ti mú àwọn àbúrò mi sọ́dọ̀, ó sì ti gbà láti san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi. A ti san gbèsè obì tán. Inú ọgbà ni n ó máa gbé.

Ẹ jẹ́ kí n gba yúníìtì 15 péré ní sáà tó ń bọ̀, kí n máa fojú kan olùdámọ̀ràn mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí máàkì sáà náà kò bá tó 2.00, n ó gba ìdájọ́ yín láìtún bẹ̀bẹ̀.

Mo fi ìwé-ẹ̀rí ikú ìyá mi, rìsíìtì ilé ìwòsàn àti lẹ́tà ẹ̀gbọ́n ìyá mi pọ̀ mọ́ èyí. Mo ṣe tán láti wá síwájú yín nígbàkígbà tí ẹ bá pè mí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Adébùkọ́lá,
Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì, Ẹ̀ka Ìṣirò.