A Gbóhùn Ìyá, A Gbóhùn Ọmọ: Ìkéde Ọmọ Tuntun láti Ilé Adéoyè, Òṣogbo

Ẹ̀yin òbí wa, ẹbí lọ́kọ láya, ẹ̀yin ọ̀gá àti alábàáṣiṣẹ́ wa, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ àti ará àdúgbò,

Ẹ bá wa yọ̀, ẹ bá wa dúpẹ́. Ní aago 4:40 ìdájí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Ọlọ́run Ọba sọ̀ wá kalẹ̀ láyọ̀ nílùú Òṣogbo. Obìnrin ni. Ó wọn kílò 3.2, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 50, ó sì ti ń mu ọmú kí wákàtí kan tó pé. Fún ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ máa bèèrè: ìwọ́ kò wé mọ́ ọn lọ́rùn, orí ló sì bá wáyé, kò mú orúkọ kankan tọ̀run wá. Ara ìyá rẹ̀ ń mókun. Adéṣọlá ti di ẹ̀gbọ́n, ó sì ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá kí ẹnikẹ́ni má baà pariwo.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì tí kò fojú ba oorun lóru ọjọ́ náà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ de ìyá ìkókó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọlọ́run kò jẹ́ ká lò ó. Ẹ̀yin alábàáṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ gba iṣẹ́ ṣe láti bí oṣù méjì sẹ́yìn, ẹ ṣeun, ẹ kú àdúrótì. Ẹni tó ń wojú Olúwa nínú yín, tiyín á dé láìpẹ́, àwa náà á wá bá yín jó.

Ìkómọjáde yóò wáyé ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 21 oṣù yìí, ní aago 6:30 àárọ̀, nílé wa ní Alékúwodò. Ẹ jẹ́ ká tètè sọ̀rọ̀ lórí ọjọ́, torí àṣìkà rẹ̀ ti ń dé. Ọjọ́ tí a bí i la fi ń bẹ̀rẹ̀: Ìṣẹ́gun 14 ni ọjọ́ kìíní, Ìṣẹ́gun 21 ni ọjọ́ kẹjọ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ kíkà láti Ọjọ́rú á dé bá wa ní ọjọ́ kẹsàn-án, nígbà tí a ti sọmọ lórúkọ tán. A mọ̀ pé láyé àtijọ́, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Àwọn bàbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ti fẹnu kò sí ọjọ́ kẹjọ.

Oyin, iyọ̀, obì, orógbó, ataare, ìrèké, epo pupa àti omi tútù ti wà nílẹ̀, ẹ má ṣe ìyọnu rà wọ́n. Ètè ìyá ọmọ la ó fi oyin àti iyọ̀ kàn, kò ní wọ ẹnu ọmọ rárá. Oyin lè gbé kòkòrò kan tó ń fa àrùn ńlá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, bó ti wù kí oyin náà dára tó. Àfáà ìdílé ìyá àti pásítọ̀ ìdílé bàbá ni yóò ṣe àdúrà, a ó sì parí ní aago 7:30, kí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Àbẹ̀rẹ̀ lè débẹ̀ lásìkò.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ fẹ́ fún un lórúkọ, ẹ fi ránṣẹ́ sí bàbá ọmọ kó tó di aago 8 alẹ́ Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 19. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kẹ́ ẹ sì fi orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sí i, kí ẹni tí yóò pè é lọ́jọ́ náà má baà ṣi í pè. Bí wọ́n bá ṣe kọ lẹ́tà orúkọ sínú ìwé ẹ̀rí ìbí ni yóò rí nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé ìrìnnà, wàhálà àtúnṣe rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Owó orúkọ yín, inú àwo omi lẹ ó sọ ọ́ sí lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wá láàárọ̀, àtijẹ àtimu ti ẹbí àti ti ibi iṣẹ́ di Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 25, láti aago 12 ọ̀sán sí aago 4 ìrọ̀lẹ́. Kò sí aṣọ ẹbí. Aṣọ tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ wọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn á gba Gbọ̀ngán, á kọjá Àkọ́dà, Àbẹ̀rẹ̀ àti Ogo-Olúwa, á dé oríta Ọláìyá, á wá gba ọ̀nà Alékúwodò. Kọ̀rọ̀pẹ̀ tó ń lọ sí Old Garage náà ń gba ibẹ̀. Ojúlé wa kò gba ju ọkọ̀ kan lọ, torí náà ẹ páàkì sétí títì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wá kí wa kó tó dìgbà náà, àárín aago 4 sí 6 ìrọ̀lẹ́ ló rọrùn jù. Ọmọ yìí ń mu ọmú bí ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá láàárín òru àti ọ̀sán, àsìkò tó bá sùn nìkan ni ìyá rẹ̀ lè fojú kan oorun. Nítorí èyí, fóònù bàbá ni kẹ́ ẹ pè. Omi àti ọṣẹ wà lẹ́nu ọ̀nà: ẹ fọwọ́ dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé e, ẹ má fẹnu kò ó lẹ́nu, ẹni tó bá ń wúkọ́ tàbí tí imú rẹ̀ ń ṣàn kó rọ́jú dúró de ọjọ́ mìíràn. Inú kò ní bí wa sí ẹni tí kò wá.

Ọmú nìkan ni yóò máa mu títí oṣù 6, kò sí omi, kò sí àgbo. Ikùn rẹ̀ kéré. Bí omi bá ti gbàyè níbẹ̀, kò ní fa ọmú tó, ọmú náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fún wa nílé ìwòsàn nìkan là ń fi sí ìwọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má sì fi ọṣẹ ìfọyín tàbí eérú sí i, ibẹ̀ ni kòkòrò ń gbà wọlé. Wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ ní apá òsì. Tó bá wú díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà ni. Ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ló pé ọ̀sẹ̀ 6 fún abẹ́rẹ́ tó kàn.

Ọ̀pọ̀ ti ń bèèrè ohun tí wọ́n lè mú wá. Àdúrà yín tó. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá fẹ́ yà, páńpásì nọ́ńbà 2 ló bá a mu, aṣọ olówùú ti oṣù 3 sí 6 sì sàn ju ti ọmọ tuntun lọ, torí ọmọ ti ní ti ọmọ tuntun tó, wọn kì í sì í pẹ́ kéré mọ́ ọn. Ẹ má ra pọ́dà, eruku rẹ̀ ń wọ̀ ọ́ nímú. Ẹja gbígbẹ, ẹyin àti ẹ̀fọ́ á wúlò fún ìyá rẹ̀.

A ò bu owó lé ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́, a ò sì fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Wọ́sáàpù kankan. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ lórúkọ wa, ẹ pè wá kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ẹ bá wa pa àwòrán ojú ọmọ mọ́ títí a ó fi sọ ọ́ lórúkọ. Lẹ́yìn náà, àwòrán tí àwa bá gbé jáde ni kẹ́ ẹ lò.

Bàbá ọmọ yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 27 oṣù yìí. Ìyá ọmọ yóò padà sí kíláàsì ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 2026. Ìwé máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bèèrè.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká mọ iye yín tó ń bọ̀ lọ́jọ́ 25, kó tó di Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 23, kí oúnjẹ má baà dín. Irú ayọ̀ yìí kò ní jìnnà sí ilé gbogbo yín.

Àwa ni tiyín,
Kọ́lápọ̀ àti Rónkẹ́ Adéoyè, pẹ̀lú Adéṣọlá
Alékúwodò, Òṣogbo